Régúlétọ̀ 12 V mi ń já sí 11.36 V tí mo bá gbé ẹrù lé e

Kúnlé_Ọ̀ṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo fọwọ́ ara mi to régúlétọ̀ 12 V tí mo fẹ́ máa fi tan rédíò tí mo bá ń tún un ṣe. Tiransífọ́mà 15 V ló wà níwájú, lẹ́yìn rẹ̀ bíríìjì àti kapásítọ̀ 4700 µF. LM358 ló ń ṣọ́ fólítéèjì, òun ló ń darí BD139 nípasẹ̀ résísítọ̀ 1 kΩ, BD139 ló sì ń darí 2N3055. Séná 5.1 V ni mo fi ṣe òdiwọ̀n, orí 4700 µF yẹn náà ló ti ń gba iná nípasẹ̀ 1 kΩ mìíràn. Mo fi résísítọ̀ 0.47 Ω sójú ọ̀nà àbájáde, BC547 ń wò ó kí iná má bàa pọ̀ jù bí wáyà bá kanra. Láìsí ẹrù, mo rí 12.02 V. Tí mo bá so résísítọ̀ 12 Ω oníwọ́ọ̀tì 20 mọ́ ọn, ó ń já sí 11.36 V. Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ LM358 ni láti dá a padà sí 12 ni? Kí ló fà á?

Adé_Ẹ̀rọ

2N3055 yẹn ni. Bí iná tó ń gbà á kọjá bá ṣe ń pọ̀ sí i ni fólítéèjì láàárín béèsì àti ẹ́mítà rẹ̀ ń ga sí i, BD139 náà sì ń ṣe bákan náà. Pa ìdàgbàsókè àwọn méjèèjì pọ̀, wàá rí i pé kò jìnnà sí 0.66 V tó o pàdánù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, 2N3055 ayédèrú kún ọjà, irin inú rẹ̀ kékeré, kò lè gbé nǹkan. Wá ojúlówó, tàbí kó o fi méjì gbe ara wọn.

Bàbá_Sódà

Adé, òtítọ́ ni ohun tí o sọ nípa béèsì àti ẹ́mítà. Bó bá jẹ́ pé séná ló ń di béèsì mú tààrà, tí kò sí LM358 níbẹ̀, bí fólítéèjì ṣe máa já nìyẹn gan-an. Ṣùgbọ́n LM358 wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ìyẹn ná an.

Láti àìsí ẹrù títí dé 1 A, ká ní LM358 gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ àbájáde rẹ̀ sókè pẹ̀lú 1 V kí àwọn tiransísítọ̀ méjèèjì lè rí ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ó ń sọ ìyàtọ̀ tó bá rí láàárín ẹsẹ̀ ìwọlé rẹ̀ méjèèjì di ìlọ́po nǹkan bí 100,000. Nítorí náà ìyàtọ̀ 10 µV ti tó o láti rí 1 V yẹn. Résísítọ̀ tó ń pín 12 V sí 5.1 V máa ń sọ ìyàtọ̀ yẹn di ìlọ́po 2.35 níta, ìyẹn nǹkan bí 24 µV. Mítà ọwọ́ wa kò lè rí i rárá. Kódà ká fi tiransísítọ̀ kan ṣoṣo rọ́pò LM358, kó máa sọ ìyàtọ̀ di ìlọ́po 100 péré, 24 mV la máa pàdánù, kì í ṣe 660.

Nítorí náà, Kúnlé, má tíì ra nǹkan kan. Fi orí dúdú mítà sí gíráńdì níbi tí résísítọ̀ apín-fólítéèjì ti kanlẹ̀, má gbé e kúrò níbẹ̀. Wá wọn ibi wọ̀nyí láìsí ẹrù, kó o sì tún wọn wọ́n pẹ̀lú ẹrù: orí 4700 µF, ẹsẹ̀ 1 LM358, orí séná, ẹ́mítà 2N3055, ìkángun kejì 0.47 Ω, àti ẹnu ẹrù fúnra rẹ̀. Kó o sì sọ fún wa ibi tí wáyà fíídíbáàkì rẹ ti gbéra.

Ọmọ_Kétu

Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní irú ìṣòro yìí. Kétu ni mo wà, iná sólà ni mo ń lò. Bátìrì 12 V ni, mo sì to irú régúlétọ̀ yìí sí i kí ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì mi lè máa rí 12 V gééré. Mi ò rí ju nǹkan bí 10 V lọ. Ṣé 0.47 Ω ni mo máa pààrọ̀?

Mọ́rẹ́nikẹ́_E

Ọmọ Kétu, ti yín yàtọ̀ sí ti Kúnlé. Régúlétọ̀ yìí ń dín fólítéèjì kù ni, kò lè fi kún un. Ẹ ṣírò ohun tó ń fẹ́ lókè 12 V: LM358 kì í gbé àbájáde rẹ̀ dé iná tó ń jẹ, ó máa ń ku nǹkan bí 1.5 V, BD139 àti 2N3055 jọ ń gba 1.45 V tí ẹrù bá wà, 1 kΩ tó wà ní béèsì ń gba nǹkan bí 0.5 V, 0.47 Ω náà tún ń gba tirẹ̀. Ìyẹn sún mọ́ 4 V. Bátìrì yín ò dé 16 V láé. Ẹ̀rọ tó ń gbé fólítéèjì sókè tó sì tún lè dín in kù lẹ ń wá. Tiransísítọ̀ kankan tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ nínú eléyìí kò ní yanjú rẹ̀.

Ọmọ_Kétu

Ẹ ṣeun, Àǹtí. Mo ti rò pé ó bàjẹ́ ni.

Kúnlé_Ọ̀ṣogbo

Bàbá, mo ti wọ̀n ọ́n. Bó ṣe rí láìsí ẹrù ni mo kọ́kọ́ kọ, tí ẹrù tẹ̀ lé e.

Orí 4700 µF: 20.6 V, 17.8 V
Ẹsẹ̀ 1 LM358: 13.0 V, 13.8 V
Séná: 5.11 V, 5.04 V
Ẹ́mítà 2N3055: 12.02 V, 11.86 V
Ìkángun kejì 0.47 Ω: 12.02 V, 11.41 V
Ẹnu ẹrù: 12.02 V, 11.36 V

Wáyà fíídíbáàkì gbéra láti ẹ́mítà 2N3055, nítorí ibẹ̀ ló sún mọ́ mi jù lórí bọ́ọ̀dù.

Bàbá_Sódà

O ṣeun, iṣẹ́ gidi lo ṣe yẹn. Gbogbo ìdáhùn ti wà nínú ohun tí o kọ.

Ẹsẹ̀ 1 ni ká kọ́kọ́ wò. 13.8 V ló wà níbẹ̀ nígbà tí LM358 ń jẹ 17.8 V. Àyè ṣì wà lókè rẹ̀. Ká ní 2N3055 ti rẹ̀ ẹ́ ni, LM358 ì bá ti na ẹsẹ̀ 1 dé òkè pátápátá, kó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, kí àbájáde sì tún kéré. Kò na án, nítorí lójú tirẹ̀ kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹ máa kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ yìí kẹ́ ẹ tó dá tiransísítọ̀ lẹ́bi.

Ohun kejì ni pé láti 11.86 sí 11.41 jẹ́ 0.45 V. Iná tó ń lọ jẹ́ 11.36 ÷ 12, nǹkan bí 0.95 A, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.47 Ω, 0.45 V náà ló jáde. Résísítọ̀ tí o fi ń dá iná dúró wà lẹ́yìn ibi tí LM358 ń wò. Olùṣọ́ tí wọ́n dá dúró sí ẹnubodè iwájú kò lè mọ ohun tí wọ́n ń kó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Tú wáyà fíídíbáàkì kúrò ní ẹ́mítà, sódà rẹ̀ mọ́ ìkángun kejì 0.47 Ω, níbi tí àbájáde ti ń jáde. Má fọwọ́ kan BC547: béèsì rẹ̀ máa wà ní ìhà 2N3055, ẹ́mítà rẹ̀ máa wà ní ìhà àbájáde, yóò sì máa gé iná ní nǹkan bí 1.4 A bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ìkẹta ló máa ń ru àwọn ènìyàn lójú. Níbi tí LM358 ń wò gan-an, 12.02 já sí 11.86. Kì í ṣe pé kò ṣiṣẹ́. Séná ló sọ fún un pé kó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí o gbé ẹrù lé e, orí 4700 µF já láti 20.6 sí 17.8, iná tó ń wọ séná láti inú 1 kΩ sì dín láti bíi 15.5 mA sí 12.8 mA. Séná 5.1 V kì í di fólítéèjì rẹ̀ mú gírígírí, ó ṣe bí ẹni pé résísítọ̀ bíi 26 Ω wà nínú rẹ̀, nítorí náà 2.7 mA tó dín kù mú 0.07 V lọ. 0.07 lọ́nà 2.35 jẹ́ nǹkan bí 0.16 V. Ohun tó sọnù gan-an nìyẹn. Ẹrù ló fà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ìwọlé ló gbà wá.

0.05 V tó kù, láti 11.41 sí 11.36, wáyà tó lọ síbi ẹrù ló jẹ ẹ́.

Fún séná, gbé e kúrò lórí 4700 µF, kó máa gba iná láti orí àbájáde 12 V nípasẹ̀ 680 Ω, ìyẹn nǹkan bí 10 mA. Ibi tí iná ti dúró ṣinṣin ni kí òdiwọ̀n ti máa jẹun. Ṣùgbọ́n ọ̀fìn kan wà níbẹ̀. Nígbà tí o bá tan án, àbájáde jẹ́ 0, séná jẹ́ 0, LM358 lè máa wo 0 méjèèjì kó sì jókòó síbẹ̀ láìgbéra. Nítorí náà so 22 kΩ kan láti orí 4700 µF sí séná kó lè tì í. Iná tó ń gba inú rẹ̀ kò tó 1 mA, bí orí kapásítọ̀ sì ṣe ń já kò ní mú ju bíi 8 mV lọ ní àbájáde.

Mọ́rẹ́nikẹ́_E

Mo fara mọ́ ọ, Bàbá, àyàfi apá séná. Kí ló dé tá a fi ń tọ́jú séná pẹ̀lú 680 Ω àti 22 kΩ nígbà tí TL431 wà? 2.495 V ló ń fúnni, ó ṣe bí ẹni pé résísítọ̀ bíi 0.2 Ω péré ló wà nínú rẹ̀. Kó fi í sípò séná lórí 1 kΩ tó wà nílẹ̀ yẹn, 2.7 mA tó ń yí padà yóò mú 0.5 mV. Lóòótọ́ apín-fólítéèjì máa wá sọ ọ́ di ìlọ́po 4.8 dípò 2.35, síbẹ̀ kò ju 3 mV lọ níta. Kò sí ìṣòro pé kó má gbéra, ooru náà kò sì ní máa yí i tó bó ṣe ń yí ọ̀pọ̀ séná.

Bàbá_Sódà

TL431 dára, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ó máa pààrọ̀ résísítọ̀ apín-fólítéèjì, séná sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àti pé èyí tó ń jẹ láti àbájáde kò ní í gba ìgbì 100 Hz láti orí kapásítọ̀ bó ṣe ń gbà á báyìí. Èmi ò ní í yọ séná tó ti di mú.

Mọ́rẹ́nikẹ́_E

TL431 náà kì í jẹ́ kí ìgbì yẹn kọjá. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún Kúnlé.

Adé_Ẹ̀rọ

Mo gbà nípa LM358, ìṣírò yẹn ti yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan kan kó tó tan rédíò. Tó bá gbé fíídíbáàkì lọ sí ìkángun kejì, ẹ́mítà 2N3055 gbọ́dọ̀ gòkè dé bíi 12.47 V kí ìta tó lè jẹ́ 12. Ẹsẹ̀ 1 máa di 14.4 V. Orí 4700 µF ń wọn 17.8, ṣùgbọ́n àárín ìgbì ni mítà ń fi hàn. Ní 50 Hz, 0.95 A lórí 4700 µF ń fa ìgbì bíi 2 V, ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà ní 16.8. Ẹ yọ 1.5 V ti LM358 kúrò, ó ku 15.3. Ó kọjá ní 0.9 V péré. Iná ìjọba ládùúgbò wa kì í dé 220 V lálẹ́. Tó bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, bíi 2 V ni gbogbo rẹ̀ máa sọ̀ kalẹ̀, kò sì ní í tó mọ́.

Bàbá_Sódà

Ó dára gan-an, Adé. Kókó nìyẹn. Ọ̀nà tó máa gbà mọ̀ ni pé kó yí mítà sí AC, kó fi sí ojú àbájáde pẹ̀lú ẹrù. Tí régúlétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, kò yẹ kó rí ju mílífólítì díẹ̀ lọ. Bí iná bá ti já jù, yóò rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílífólítì, rédíò á sì máa kùn. Kapásítọ̀ ìlọ́po méjì máa gbé ìsàlẹ̀ ìgbì sókè pẹ̀lú bíi 1 V, ṣùgbọ́n kò ní í tó lálẹ́ irú èyí tí o wí. Tiransífọ́mà 18 V ni mo máa lò níbi tí iná ti ń rẹlẹ̀. Owó rẹ̀ ni ooru: lónìí 2N3055 ń sun bíi 6 W, yóò di 10. Tí wáyà bá kanra ní 1.4 A, yóò kọjá 25 W. Irin amóoru-jáde rẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi.

Kúnlé_Ọ̀ṣogbo

Mo ti ṣe é. Mo lo séná pẹ̀lú 680 Ω àti 22 kΩ, mo sì gbé fíídíbáàkì lọ. Séná sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ nítorí iná tó ń wọ̀ ọ́ ti dín, mo bá yí pírísẹ́ẹ̀tì inú apín-fólítéèjì títí ó fi padà sí 12.02 V. Pẹ̀lú 12 Ω: 12.00 V ní ojú àbájáde, 11.95 V ní ẹnu ẹrù. Ẹsẹ̀ 1 wà ní 14.4 V bí Ẹ̀gbọ́n Adé ṣe wí. Ní AC, 3 mV lọ́sàn-án.

Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ báyìí: tẹ́lẹ̀ (12.02 − 11.41) ÷ 11.41, ìdá 5.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Nísinsin yìí (12.02 − 12.00) ÷ 12.00, ìdá 0.17. Àbí ẹnu ẹrù ló yẹ kí n ti wọ̀n ọ́n?

Mọ́rẹ́nikẹ́_E

Ojú àbájáde ló tọ́, tó bá jẹ́ régúlétọ̀ lò ń dán wò. Wáyà tó lọ síbi ẹrù kì í ṣe ara rẹ̀, bó o bá fi èyí tó gùn sí i dípò, èsì máa yí padà láìjẹ́ pé régúlétọ̀ yí.

Tó o bá fẹ́ kí ẹrù gan-an rí 12.02, o lè fa wáyà fíídíbáàkì tín-ínrín kan láti ẹnu ẹrù wá, kí gíráńdì apín-fólítéèjì náà sì gba ti ara rẹ̀ wá láti ibẹ̀. Iná tó ń gba inú wọn kò tó nǹkan, nítorí náà wọn kì í pàdánù nǹkan. Ṣùgbọ́n má ṣe é láìfi 100 Ω so ojú àbájáde mọ́ ibi tí wáyà yẹn ti wọlé, kó o sì fi òmíràn sí ìhà gíráńdì. Tí wáyà fíídíbáàkì bá já tí 100 Ω kò sí, LM358 á rí 0 V, á sì ṣí 2N3055 sílẹ̀ pátápátá. Fólítéèjì tó kọjá 17 lè wọ inú rédíò oníbàárà.

Kúnlé_Ọ̀ṣogbo

Háà. 0.05 V kò tó èyí tí mo máa torí rẹ̀ wu rédíò ẹlòmíì léwu. Wáyà tó nípọn ni mo máa fi lọ síbi ẹrù.

Ṣẹ́gun_Rédíò

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí. Irú èyí ni mo ní, fíídíbáàkì mi wà níbi tó yẹ, ó sì dúró ní 12 V gan-an, mítà ò rí àléébù kankan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti fi 2200 µF sí ojú àbájáde ni LM358 ti ń gbóná láìsí ẹrù. Tí mo bá sì gbé rédíò AM kékeré sún mọ́ ọn, ariwo ṣíìì máa ń bo gbogbo ilé iṣẹ́. Mo pa régúlétọ̀, ariwo dákẹ́.

Bàbá_Sódà

Ó ń mì tìtì fúnra rẹ̀ nìyẹn. Mítà rẹ kò lè rí i nítorí ó yára ju ohun tí AC rẹ̀ lè wọ̀n lọ, rédíò ló bá ọ rí i. 2200 µF yẹn mú kí ìròyìn pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ LM358, òun sì ń tún nǹkan ṣe lẹ́yìn àkókò. Yọ ọ́, fi 22 µF sí i. Kapásítọ̀ ńlá ò wúlò lẹ́yìn régúlétọ̀, iwájú rẹ̀ ni àyè rẹ̀.

Adé_Ẹ̀rọ

Rédíò tó ń lo agbára lójijì nílò kapásítọ̀ ńlá lẹ́yìn náà o. Èmi máa fi 1 nF sí àárín ẹsẹ̀ 1 àti ẹsẹ̀ 2 LM358 kó lè fara balẹ̀, kí n sì fi 2200 µF sílẹ̀.

Mọ́rẹ́nikẹ́_E

1 nF yẹn máa dín ìyára rẹ̀ kù, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé bí ẹrù bá dé lójijì, fólítéèjì á kọ́kọ́ tẹ̀ kó tó padà. Mi ò sì rò pé ó tó láti fi dá 2200 µF lóhùn. Ó sinmi lórí résísítọ̀ inú kapásítọ̀ yẹn gan-an. Ṣẹ́gun, tuntun ni àbí èyí tó o yọ lára ẹ̀rọ àtijọ́?

Ṣẹ́gun_Rédíò

Tuntun ni. Mo ti fi 1 nF sí i, ariwo dín kù, LM358 tutù, ṣùgbọ́n tí mo bá so ẹrù mọ́ ọn, ṣíìì máa ń padà fún ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó dákẹ́. Tí mo bá fi 22 µF, kò sí ariwo rárá, àmọ́ rédíò ọkọ̀ tí mo ń dán wò máa ń kú kó tún tan bí mo bá gbé ohùn rẹ̀ sókè.

Bàbá_Sódà

Rédíò ọkọ̀ yẹn lè máa fa ju ohun tí résísítọ̀ adíná-dúró rẹ gbà lọ. 0.47 Ω náà ni? Wọn fólítéèjì orí rẹ̀ nígbà tí rédíò bá fẹ́ kú, kó o sì sọ ohun tó o rí fún wa.